Òwe ni àbí alẹ́górì? Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìdánwò lórí Ìhìnrere

Mo ti ka ìwé ìdáhùn tó pọ̀ lórí ìbéèrè tó ní kí a fi ìyàtọ̀ hàn láàárín òwe àti alẹ́górì nínú Ìhìnrere débi pé mo mọ ìlà àkọ́kọ́ kí n tó ṣí i. "Òwe ni ìtàn ayé tó ní ìtumọ̀ ti ọ̀run." Èkejì á tẹ̀ lé e: "Alẹ́górì ni ìtàn tó ní ìtumọ̀ tó farasin." Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Àmọ́ ẹ gbé ti alẹ́górì sábẹ́ òwe, kí ẹ gbé ti òwe sábẹ́ alẹ́górì, kí ẹ tún un kà. Kò sí ohun tó yí padà. Ìtumọ̀ tó bá bá nǹkan méjì mu kò tíì ya ọ̀kankan sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni máàkì ti ń jò lọ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ojú ewé kejì.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ni ni kí a mú ìtàn kan ṣoṣo tí Lúùkù àti Mátíù jọ sọ, ìtàn àsè, kí a wo bó ṣe jẹ́ òwe lọ́wọ́ ẹnì kan, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di alẹ́górì tán lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹni tó bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ti yí padà ti dáhùn ìbéèrè náà. Àmọ́ a ní láti palẹ̀ mọ́ ná.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "òwe"

Èdè wa fúnra rẹ̀ ló dá wàhálà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, òwe ni "Oníṣègùn, wo ara rẹ sàn" nínú Lúùkù 4:23, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan péré ni. Òwe ni ti hóró músítádì. Òwe náà ni wọ́n pe ìtàn gígùn ti ọgbà àjàrà nínú Máàkù 12. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò ṣàṣìṣe o. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, parabolé, ló wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kí a gbé nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn láti fi wọ́n wéra.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìtàn kan kì í ṣe alẹ́górì torí pé Bíbélì pè é ní òwe ti tàsé. Ọ̀rọ̀ alẹ́górì kò sí nínú Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rárá. Pọ́ọ̀lù ló lo ọ̀rọ̀ tó bá a tan, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ Hágárì àti Sárà nínú Gálátíà 4:24. Gíríìkì lòun náà: kí èèyàn máa wí ohun kan, kó máa tọ́ka sí òmíràn. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń bi yín jẹ́ èyí tí àwọn tó ka Ìhìnrere ṣe lẹ́yìn, kì í ṣe orúkọ tí Máàkù tàbí Lúùkù fi sórí ìtàn wọn. Ẹ fi gbólóhùn kan sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yín, kí ẹ sì kọjá. Yóò jẹ́ kí ẹni tó ń máàkì mọ̀ pé ẹ kò kàn há ìwé sórí.

Ìtumọ̀ tí kò ṣeé pààrọ̀

Bí a bá pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè orúkọ ọjà náà, tàbí ìyá tó pọn ọmọ ọ̀hún. Ọjà wà níbẹ̀ kí àgbà lè ríbi dúró sí. Ọmọ wà níbẹ̀ kí orí lè ríbi wọ́. Odindi ọ̀rọ̀ náà ló jọ gbé ohun kan wá. Bí òwe inú Ìhìnrere ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àrokò ni alẹ́górì fi jọ ní tirẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n so pọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbà á sì ní láti tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ohun tí wọ́n ránṣẹ́.

Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́: "Nínú òwe, ìtàn náà lódindi ni a fi wé ohun kan, àwọn kúlẹ̀kúlẹ̀ inú rẹ̀ sì wà kí ìtàn lè rìn. Nínú alẹ́górì, kúlẹ̀kúlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dúró fún ohun kan tó wà lóde ìtàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òǹkàwé sì ń tú u." Ẹ gbìyànjú kí ẹ pààrọ̀ ìyẹn. Kò ní gbà.

Ẹ fi Lúùkù 18:1-8 dán an wò kíákíá. Onídàájọ́ kan wà tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò ka èèyàn sí. Opó kan ń wá a ṣáá, ó dá a láre nígbẹ̀yìn kí obìnrin náà má bàa dá a lágara. Bí èyí bá jẹ́ alẹ́górì, ta ni onídàájọ́? Ẹni tó bá dáhùn pé Ọlọ́run ni ti sọ Ọlọ́run di aláìṣòótọ́. Ohun tí a fi ń wéra kì í ṣe onídàájọ́ sí Ọlọ́run bí ẹni gbé àwòrán síwájú dígí. Bí ẹni burúkú bá lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ torí pé wọn kò sinmi, mélòó mélòó ni Ọlọ́run! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtàn odindi. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ rántí onídàájọ́ yìí: òwe máa ń fọ́ bí a bá tú u wẹ́wẹ́.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ alẹ́górì

Ohun méjì ni mo máa ń wò. Èkíní, màá gbé ìka lé kúlẹ̀kúlẹ̀ kan, màá béèrè pé, "Kí lèyí dúró fún?" Bí ìdáhùn bá wá fúnra rẹ̀, tí ohun kejì àti ẹ̀kẹta náà ní tiwọn, tí gbogbo wọn sì bá ara wọn mu, alẹ́górì ti ń yọjú. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń fi agbára wá ìdáhùn, òwe ni mo ń yọ lẹ́nu.

Èkejì ló wúlò jù, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ kì í lò: ǹjẹ́ ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn tí kò bọ́gbọ́n mu láyé gidi, àfi bí a bá mọ ohun tó dúró fún? Òwe máa ń yani lẹ́nu, òótọ́ ni, ó sì lè ṣàsọdùn. Àmọ́ nínú alẹ́górì, ohun tí ìtàn ń tọ́ka sí a máa fa ìtàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ojú ibi tó ti ya ni kí ẹ wá.

Àsè kan, ọwọ́ méjì

Ẹ ṣí Lúùkù 14:16-24. Ọkùnrin kan se àsè alẹ́ ńlá, ó sì pe èèyàn púpọ̀. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, ó rán ẹrú rẹ̀ kan láti lọ pè wọ́n. Ẹnì kan ní òun ra ilẹ̀, òun ní láti lọ wò ó. Ẹlòmíràn ní òun ra àjàgà màlúù márùn-ún, òun ń lọ dán wọn wò. Ẹ̀kẹta ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Inú bí baálé ilé. Ó rán ẹrú náà sí ojú pópó àti ojú ọ̀nà tóóró inú ìlú kó kó àwọn tálákà, àwọn amúkùn-ún àti àwọn afọ́jú wá. Àyè ṣì kù, ó tún rán an sí òpópónà àti ẹ̀bá ọgbà.

Ẹ gbé ìka lé àjàgà màlúù márùn-ún yẹn. Kí ni wọ́n dúró fún? Màlúù ni wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀ torí pé ẹni tó ra ẹran iṣẹ́ a máa fẹ́ dán an wò, àwáwí tó sì dún bí òótọ́ ló ń múni bínú jù. Ìyàwó tuntun kò dúró fún ohun kankan. Gbogbo ohun tí baálé ilé ṣe ni ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ gbígbóná sílẹ̀ lè ṣe. Ìdí tí Jésù fi sọ ọ́ sì wà ní ẹsẹ̀ 15: ẹnì kan nídìí oúnjẹ ní alábùkún fún ni ẹni tí yóò jẹun ní ìjọba Ọlọ́run, ìtàn náà sì dá a lóhùn pé àwọn tó dá ara wọn lójú pé a pè wọ́n lè jẹ́ àwọn tí kò ní tọ́ ọ wò. Ibì kan péré ni mo ti rí òjìji alẹ́górì, ìyẹn ìrán kejì, sí ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló rí àwọn Kèfèrí níbẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ fún ẹni tó ń máàkì; ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ pé kò tíì gba ìtàn lọ́wọ́ òwe.

Ó yá, Mátíù 22:1-14. Ọkùnrin náà ti di ọba. Àsè ti di ti ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹrú kan ti di ẹrú púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì lọ bá àwọn tí a pè. Àwọn kan kò kà á sí, àwọn yòókù sì gbá àwọn ẹrú mú, wọ́n ṣe wọ́n ṣúkaṣùka, wọ́n pa wọ́n. Nítorí ìpè oúnjẹ! Ọba wá rán ọmọ ogun, wọ́n pa àwọn apànìyàn náà run, wọ́n sì dáná sun ìlú wọn (ẹsẹ̀ 7). Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọba ti sọ fún àwọn ẹrú rẹ̀ pé àsè ti délẹ̀, kí wọ́n lọ pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ní ẹsẹ̀ 4, màlúù ti kú, ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́. Ọmọ ogun jáde, wọ́n jà, wọ́n jó ìlú kan kanlẹ̀, wọ́n parí, oúnjẹ ṣì ń dúró. Kò sí àsè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tó ti ya nìyẹn. Ìtàn Ísírẹ́lì ló gba ìtàn oúnjẹ lọ́wọ́ ara rẹ̀: ọba ni Ọlọ́run, ọmọ ni Jésù, àwọn ẹrú tí wọ́n pa ni àwọn wòlíì tí Mátíù tún mẹ́nu bà ní 23:37, ìlú tó jóná sì ni Jerúsálẹ́mù, tí àwọn ará Róòmù dáná sun ní ọdún 70, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe kà á. Ohun kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn mu.

Ojú kejì ni ti ọkùnrin tí kò wọ aṣọ ìgbéyàwó. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn yìí láìròtẹ́lẹ̀. Níbo ni ó ti fẹ́ rí aṣọ? Bẹ́ẹ̀ wọ́n dì í tọwọ́ tẹsẹ̀ sọ sínú òkùnkùn lóde, níbi tí ẹkún àti ìpayínkeke wà. Ìyẹn kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé àsè mọ́, ìdájọ́ ìkẹyìn ni. Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe nípa sísọ pé ọba máa ń pín aṣọ fún àlejò. Mátíù kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì bá a sọ ọ́.

Afúnrúgbìn: ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí

Bí wọn kò bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́ á fà á wọlé, torí náà ẹ mọ ọ́n dáadáa. Máàkù 4:3-8 ni ìtàn náà: ẹni kan fúnrúgbìn, púpọ̀ ṣègbé, èyí tó bọ́ sórí ilẹ̀ rere so ọgbọ̀n, ọgọ́ta, ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe wà yìí, òwe ni. Ní 4:14-20 ni a ti túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: irúgbìn ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn ẹyẹ ni Sátánì, ẹ̀gún ni àníyàn ayé, ẹ̀tàn ọrọ̀ àti ìfẹ́ ohun mìíràn. Ìtumọ̀ náà ló jẹ́ alẹ́górì, lórí ìtàn tó jẹ́ òwe. Gbólóhùn yìí gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹni tó kọ "òwe afúnrúgbìn jẹ́ alẹ́górì" láìyà wọ́n sọ́tọ̀ gba ìdajì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún afúnrúgbìn fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń kà á pé "afúnrúgbìn ni Jésù." Máàkù 4 kò sọ ẹni tó jẹ́. Inú òwe èpò ni gbólóhùn yẹn ti wá, Mátíù 13:37, níbi tí ẹni tó fúnrúgbìn rere ti jẹ́ Ọmọ ènìyàn. Ìtumọ̀ ti èpò yìí (13:36-43) ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo Ìhìnrere bí ẹ bá ń wá alẹ́górì tí wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, torí ohun méje ni ó dárúkọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn: afúnrúgbìn, oko, irúgbìn rere, èpò, ọ̀tá, ìkórè, àwọn olùkórè.

Àwọn onímọ̀: méjì ti tó

Ẹ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Ágọ́sítìnì, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́, hàn bí ẹni tó tú òwe bí alẹ́górì. Nínú ìtàn ará Samáríà rere (Lúùkù 10:30-37), ó ní ẹni tí wọ́n lù ni Ádámù, ará Samáríà ni Kristi, ilé èrò ni Ìjọ, onílé èrò sì ni Pọ́ọ̀lù. Pọ́ọ̀lù kẹ̀! Amòfin tó bi Jésù léèrè ẹni tó jẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ kò lè gbọ́ ìyẹn láé, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ni ìtàn náà wá dáhùn, Jésù sì parí rẹ̀ pẹ̀lú "Lọ, kí ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀."

Adolf Jülicher ni ẹ máa gbé kọjú sí i. Ó jẹ́ ará Jámánì, ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí òwe Jésù jáde. Ó ní kókó kan ṣoṣo ni òwe kọ̀ọ̀kan ní, àti pé ohun tó bá jọ alẹ́górì nínú Ìhìnrere wá láti ọwọ́ àwọn tó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Jésù. Mo gbà pé ó wẹ àwọn òwe mọ́, àmọ́ ó fọ̀ ọ́ jù. Ẹ wo ọgbà àjàrà nínú Máàkù 12:1-12. Aísáyà 5:7 ti sọ kedere pé ọgbà àjàrà Olúwa ni ilé Ísírẹ́lì. Àwọn tó ń gbọ́ Jésù mọ ìyẹn kí ó tó la ẹnu, Máàkù sì sọ pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ni ó ń bá wí. Kò sí bí èèyàn ṣe máa yọ alẹ́górì kúrò níbẹ̀ tí ìtàn á fi kù. Ẹ tún lè fi hàn pé alẹ́górì náà ń pọ̀ sí i láti ọwọ́ dé ọwọ́: nínú Máàkù 12:8, wọ́n pa ọmọ náà, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ síta, nínú Mátíù 21:39 àti Lúùkù 20:15, wọ́n kọ́kọ́ jù ú síta kí wọ́n tó pa á, bí Jésù ṣe kú lẹ́yìn odi ìlú.

Bí a ṣe ń tò ó sórí ìwé

Bí ẹ bá ní wákàtí kan kù díẹ̀ fún ìbéèrè náà, ẹ má lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ìtumọ̀. Ẹ sọ pé parabolé gbòòrò, ẹ kọ gbólóhùn méjì tí kò ṣeé pààrọ̀, kí ẹ bọ́ sí onídàájọ́ aláìṣòótọ́ fún ìpínrọ̀ kúkúrú kan. Lẹ́yìn náà ni àsè, òun ni kó gba ìdajì ìwé yín. Afúnrúgbìn tẹ̀ lé e, kí àwọn onímọ̀ wá kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi àwọn onímọ̀ síwájú máa ń sọ̀rọ̀ wọn títí àkókò á fi tán, kò sì ní ka ẹsẹ̀ Bíbélì kan.

Ẹ má ka ìtàn náà lódindi. Ìpínrọ̀ tó ń gba máàkì máa ń dárúkọ ẹsẹ̀, á sọ ohun tó yàtọ̀, á sì sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà fi hàn, bí irú èyí:

"Nínú Lúùkù 14:21, inú bí baálé ilé, ó sì rán ẹrú rẹ̀ láti pe àwọn mìíràn. Nínú Mátíù 22:7, ọba rán ọmọ ogun láti dáná sun ìlú kan kí àsè tó bẹ̀rẹ̀. Iná yìí kò wúlò fún ìtàn àsè, ó tilẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà lóde ìtàn, nínú ìparun Jerúsálẹ́mù. Níbi tí kúlẹ̀kúlẹ̀ bá ti ń sin ohun tó wà lóde ju ìtàn lọ, òwe ti ń di alẹ́górì."

Gbólóhùn márùn-ún péré. Ẹ kíyè sí "ti ń di". Mi ò kọ ọ́ pé Mátíù kì í ṣe òwe mọ́, torí pé òun fúnra rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ní 22:1, àti pé ìkìlọ̀ fún ẹni tí a pè tó sì kọ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in. Bí ìbéèrè bá sì ní kí ẹ "ṣe àfiwé", kì í ṣe ìyàtọ̀ nìkan, ìpínrọ̀ yìí náà ni kí ẹ fi gbólóhùn kan kún: ìpè, ìkọ̀sílẹ̀ àti àwọn àlejò tuntun wà nínú méjèèjì.